Mílíọ̀nù 100 tí a máa san ní ọdún 5 sí i: bọ́ǹdì wo ni ká fi owó ọwọ́ wa rà?

Akọ̀wé_ÒkèFìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí l'Óṣogbo. A ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìlobù, a ti san apá kan. Ìwé àdéhùn sọ pé mílíọ̀nù 100 náírà tó kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a máa san án, ní ọdún 5 sí i. Kò sí èlé lórí rẹ̀, kò ní lé, kò sì ní dín. Mílíọ̀nù 50 ló wà nílẹ̀. Akápò wa ní ká ra bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ọlọ́dún 5, pé ọjọ́ tó bá pé náà la máa fi san gbèsè. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, tí èlé bá já wálẹ̀ kó tó di ìgbà náà ńkọ́? Báwo la ṣe lè to owó yìí tí yóò fi pé, ì báà jẹ́ pé èlé gòkè tàbí ó wálẹ̀?

Ayọ̀_Ìgbọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, akápò yín ò jẹ̀bi rárá. Ká ní 15% ni bọ́ǹdì náà ń san. Ẹ fi 1.15 sọ mílíọ̀nù 50 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó máa fún yín ní mílíọ̀nù 100 àti ààbọ̀, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Gbèsè ọlọ́dún 5, bọ́ǹdì ọlọ́dún 5. Ìjọba àpapọ̀ ló sì jẹ yín lówó. Èmi ò rí ibi tí wàhálà wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_ỌjàỌba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí tèmi náà. Mo ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ti ìjọba, èyí tí èèyàn lè fi 5,000 náírà bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún 3 ni mo mú. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé rẹ̀ ń wọlé, mo sì ń fi kún ọjà ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí mo fẹ́ kan òrùlé rẹ̀ ní ọdún 5 sí i ni mo tìtorí ẹ̀ rà á. Ṣé ohun tí akọ̀wé ń béèrè yìí kàn mí?

Bàbá_Oníṣirò

Ayọ̀, ìṣirò tí o ṣe yẹn dúró lórí ohun kan tí o ò dárúkọ. Ó gbà pé gbogbo èlé tó bá ń wọlé lọ́dọọdún, wọ́n á tún rí 15% gbà lórí ẹ̀ títí ọdún 5 fi máa pé. Bọ́ǹdì ò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èlé tó bá wọlé, ọjà ọjọ́ náà ló máa sọ iye tí ẹ máa rí lórí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí a sì ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí: a ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn, a ti ṣèlérí iye kan fún un lọ́jọ́ iwájú, èlé ọjà ò sì dúró lójú kan. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Frank Redington ló to ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aṣírò adójútòfò lọ́dún 1952, títí di òní òun náà la ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbèsè akọ̀wé ṣe é. 15% tí Ayọ̀ mú ni n óò lò, kì í ṣe pé òun ni ọjà òní. N óò sì ka èlé sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kí ìṣirò má baà dí, torí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ ń san án gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ ni iye tí gbèsè yín tọ́ sí lónìí:

```
100 / 1.15^5 = 49.72
```

Mílíọ̀nù 49.72. Ẹ ní i, ó tiẹ̀ ṣẹ́ 280,000 kù. Ẹ wá fi gbogbo ẹ̀ ra bọ́ǹdì ọlọ́dún 5 bí akápò ṣe wí. Èlé mílíọ̀nù 7.46 á máa wọlé lọ́dọọdún. Ká ní èlé ọjà já sí 10% kété tí ẹ ra á tán, tí kò sì gòkè mọ́. Ojúlówó owó yín, ìyẹn 49.72 tí ẹ fi rà á, á pé, èlé tí ẹ kó jọ pẹ̀lú ohun tó bí á jẹ́ mílíọ̀nù 45.53, àpapọ̀ á wá jẹ́ 95.25. Ìjọba san gbogbo ohun tó ṣèlérí, kò jẹ yín ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ mílíọ̀nù 4.75 kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí onílẹ̀ máa dé.

Ayọ̀_Ìgbọ̀nà

Bàbá, ẹ ṣeun. Tí èlé bá gòkè sí 20% ńkọ́? Wọ́n á jèrè nígbà yẹn nìyẹn.

Bàbá_Oníṣirò

Wọ́n á jèrè, ó máa lé ní mílíọ̀nù 105. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ò sọ pé òun fẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ó ní kí owó pé lọ́nà méjèèjì.

Ìdí tí bọ́ǹdì ọlọ́dún 5 kò fi bá gbèsè ọlọ́dún 5 mu nìyí. Ẹ fojú inú wo pákó gígùn kan tí a fàmì ọdún sí lára, ọdún 1 dé ọdún 5. Ẹ gbé òkúta kan sórí ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ iye tí owó ọdún náà tọ́ sí lónìí. Ibi tí ẹ máa fi ìka gbé pákó náà tí kò ní tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, ibẹ̀ là ń pè ní dúréṣọ̀n. Gbèsè yín, òkúta kan ṣoṣo ni, orí ọdún 5 ló wà, dúréṣọ̀n rẹ̀ á sì jẹ́ 5 géérégé. Bọ́ǹdì ọlọ́dún 5 ní àwọn òkúta kéékèèké lórí ọdún 1 dé 4, wọ́n ń fa ìka sẹ́yìn. Dúréṣọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 3.85. Owó ń tètè wọlé ju bí ẹ ṣe nílò rẹ̀ lọ, ẹ sì ń padà sọ́jà lọ́dọọdún láti wá ibi tí ẹ máa fi í sí. Ìdí nìyẹn tí èlé tó bá já ṣe máa bá yín.

Ẹni tí dúréṣọ̀n owó rẹ̀ bá kọjá ti gbèsè, ìdàkejì ló máa bá a: èlé tó gòkè ni yóò dùn ún, torí bọ́ǹdì tó ṣì gùn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rọlẹ̀ lówó nígbà tó bá fẹ́ tà á. Ohun tí a ń wá ni kí méjèèjì bọ́ sójú kan.

Akọ̀wé_ÒkèFìà

Ó ti ń yé mi, sà. Bọ́ǹdì wo ló wá ní dúréṣọ̀n 5?

Bàbá_Oníṣirò

Lórí 15%, bọ́ǹdì ọlọ́dún 7 tí a rà ní ojúlówó iye rẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n máa san padà lọ́jọ́ tó bá pé, ní dúréṣọ̀n 4.78. Ọlọ́dún 10 ní 5.77. Márùn-ún wà láàárín wọn, ẹ pò wọ́n pọ̀: mílíọ̀nù 38.86 sórí ọlọ́dún 7, mílíọ̀nù 10.86 sórí ọlọ́dún 10. Iye tòní jẹ́ 49.72, ó bá gbèsè mu. Dúréṣọ̀n jẹ́ 5, ó bá a mu.

Ní ọdún 5 ẹ máa ta bọ́ǹdì méjèèjì, torí wọn ò tíì pé: ọ̀kan ṣẹ́ku ọdún 2, èkejì ṣẹ́ku ọdún 5. Ẹ wò ó bí èlé ọjà bá yí lẹ́ẹ̀kan kété tí ẹ ra á tán, ní mílíọ̀nù:

```
èlé ọjà   èlé tí a kó jọ   bọ́ǹdì tí a tà   àpapọ̀
10%       45.53            55.15           100.68
15%       50.28            49.72           100.00
20%       55.50            45.13           100.63
```

Nígbà tí èlé já, ohun tí ẹ kó jọ dín ní bíi mílíọ̀nù 5, ṣùgbọ́n bọ́ǹdì tó ń san 15% ti di ọ̀wọ́n lọ́jà tí àwọn mìíràn ń gba 10%, iye rẹ̀ sì lé ní ohun tó ju mílíọ̀nù 5 lọ díẹ̀. Nígbà tó gòkè, wọ́n pààrọ̀ ipò. Kò sí ẹni tó sọ ibi tí èlé ń lọ tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀.

Ayọ̀_Ìgbọ̀nà

Bàbá, ohun kan ń rú mi lójú o. Lókè ó lé, nísàlẹ̀ náà ó lé. Èrè ọ̀fẹ́ ha wà bẹ́ẹ̀ bí? Bó bá rí báyìí, kí wọ́n mú tirẹ́ṣúrì bílì ọlọ́jọ́ 364 àti bọ́ǹdì ọlọ́dún 10, kí wọ́n pò ó títí ó fi di 5. Ohun tó jìnnà síra jù ló máa lé jù, àbí?

Bàbá_Oníṣirò

Ibi tí o fọwọ́ bà yẹn dára, ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Lóòótọ́, bí owó bá ṣe fọ́n ká sí ẹ̀yìn àti iwájú ọdún 5 tó, bẹ́ẹ̀ ni àlékún yẹn á ṣe pọ̀ tó. Redington náà sọ ọ́ pé kí fífọ́nká owó tó ń wọlé ju ti gbèsè lọ. Ṣùgbọ́n tábìlì tí mo kọ yẹn gbà pé èlé ìgbà kúkúrú àti èlé ìgbà gígùn jọ ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ọjà kì í fi ìgbà gbogbo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti fọ́n ká tó náà ni ìyapa ìṣísẹ̀ méjèèjì yóò ṣe bà á jẹ́ tó. Ìdí tí mo fi mú 7 àti 10 tí mo fi bílì sílẹ̀ nìyẹn.

Fúnra rẹ wo èyí tó burú jù nínú tábìlì. Ká ní èlé ìgbà kúkúrú wà ní 10% ní gbogbo ọdún márààrún, tí èlé bọ́ǹdì wá wà ní 20% lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tà. Mú 45.53 ìlà àkọ́kọ́, fi 45.13 ìlà ìkẹyìn kún un. Mílíọ̀nù 90.66. Dúréṣọ̀n bára mu lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ó sì kùnà síbẹ̀.

Dípò_Alágbàtà

Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n kín yín lẹ́yìn láti ẹ̀gbẹ́ ọjà, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Irú ìyapa yẹn kì í ṣe àlá. Ní oṣù kẹwàá 2019, Báńkì Àpapọ̀ ní kí ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì àti ẹnì kọ̀ọ̀kan yé ra bílì OMO, ìyẹn ìwé gbèsè ìgbà kúkúrú tí Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà. Owó rẹpẹtẹ já wọ tirẹ́ṣúrì bílì àti bọ́ǹdì. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2020, èlé tirẹ́ṣúrì bílì, ọlọ́jọ́ 91, 182 àti 364, gbogbo wọn ti wà lábẹ́ 1%. Ẹni tó ń fi èlé bọ́ǹdì rẹ̀ ra bílì lọ́dún yẹn mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta 2024, ọlọ́jọ́ 364 kọjá 20%. Nítorí náà 10% sí 20% tí Bàbá fi dán an wò, ọwọ́ ìrọ̀rùn ni wọ́n fi mú un.

Akọ̀wé, ohun mìíràn wà tí ẹ ò tíì bi wá. Níbi títa bọ́ǹdì tuntun tí Ọ́fíìsì Àbójútó Gbèsè ń ṣe lóṣooṣù, mílíọ̀nù 50 àti 1,000 náírà ni iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Owó yín ò tó ẹyọ kan, áńbọ̀sì méjì. Ọjà àtúntà ni ẹ máa gbà wọlé, lọ́wọ́ báńkì tàbí alágbàtà, ẹ ò sì ní rí ọlọ́dún 7 tàbí 10 géérégé níbẹ̀. Ẹ máa rí èyí tó kù ọdún 6 àti oṣù mẹ́rin, tí èlé ara rẹ̀ jẹ́ 12 tàbí 18. Ẹ ní láti ṣírò dúréṣọ̀n èyí tí ẹ rí gan-an.

Ìyá_Ìbejì_ỌjàỌba

Ẹ ti kọjá mi o. Tèmi ńkọ́?

Bàbá_Oníṣirò

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Gbèsè akọ̀wé, náírà rẹ̀ ti wà nínú ìwé, kò lè yí. Tiyín, iye páánù àti pákó ọjọ́ náà ni, kò sì sí ẹni tó bá yín kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè bá dúréṣọ̀n mu dáadáa kí páánù sì di ìlọ́po mẹ́ta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èlé tí ẹ ń gbà ẹ ń fi ra ọjà, ojúlówó owó nìkan ló máa kù fún òrùlé. Tí páánù bá ṣe é rà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdípẹtà, ìyẹn sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá ju bọ́ǹdì lọ.

Ìyá_Ìbejì_ỌjàỌba

Ẹ ṣé, sà. Èlé yẹn ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù dúró o, n ò lè fi sílẹ̀. Ti páánù, mo gbọ́.

Akọ̀wé_ÒkèFìà

Bàbá, ẹ ní ó kùnà ní 90.66. Kí la wá ń ṣe é fún?

Bàbá_Oníṣirò

90.66 yẹn, ti ẹni tó rà á tó lọ sùn fọdún márùn-ún ni. Iṣẹ́ náà ò parí lọ́jọ́ tí ẹ rà. Ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀.

Ẹ wo ìparí ọdún kìíní, kí èlé ọjà wà ní 15% láìyí. Gbèsè yín ti di ọlọ́dún 4, dúréṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 4. Bọ́ǹdì méjèèjì lápapọ̀ ò wálẹ̀ dé 4, 4.60 ni wọ́n wà. Ọdún kan kọjá lórí kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n dúréṣọ̀n bọ́ǹdì fi 0.40 péré wálẹ̀. Mílíọ̀nù 7.46 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló mú gbogbo rẹ̀ dọ́gba: ọwọ́ ló wà, dúréṣọ̀n rẹ̀ jẹ́ òdo, tí ẹ bá kà á mọ́ bọ́ǹdì ẹ máa rí 4.00. Tí akápò bá wá fi èlé náà ra bọ́ǹdì kan náà, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe torí ó rọrùn, ó ti gbé gbogbo rẹ̀ padà sí 4.60. Wọ́n ti gùn jù fún gbèsè nìyẹn, èlé tó bá gòkè á bù wọ́n jẹ.

Ohun tí mo máa ṣe: fi 7.46 yẹn ra bílì ọlọ́jọ́ 364, kó má jókòó lásán. Dúréṣọ̀n bílì jẹ́ 1, yóò fa gbogbo rẹ̀ sókè sí 4.13. Kí n lè dá a padà sí 4, n óò ta nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.66 nínú bọ́ǹdì ọlọ́dún 10, n óò kó o sórí bílì náà. Lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀, ohun tó gùn á máa dín, ohun tó kúrú á máa pọ̀. Nígbà tí ó bá fi máa ku ọdún kan, púpọ̀ nínú owó yín á ti wà nínú ohun tó ń pé lọ́jọ́ gbèsè, iye bọ́ǹdì lọ́jọ́ títà ò sì ní lè ṣe yín ní nǹkan púpọ̀. Tí èlé bá fò sókè tàbí já lójijì láàárín ọdún, ẹ má dúró de ìparí ọdún kí ẹ tó tún un ṣe.

Dípò_Alágbàtà

Àti pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tà tí ẹ tún rà, ẹ máa san owó ọ̀nà. Iye tí wọ́n á fi tà fún yín àti iye tí wọ́n á fi rà á lọ́wọ́ yín kì í ṣe ọ̀kan náà. 280,000 tó ṣẹ́kù yẹn kò ní pẹ́ tán. Èmi á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó, àfi tí èlé bá yí ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bàbá lè má gbà.

Bàbá_Oníṣirò

N ò gbà. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà tí èlé bá wọlé. Owó tuntun ni ẹ máa fi tún un ṣe nígbà náà, ẹ ò ní ta púpọ̀.

Túndé_Dàda

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kékeré. Ẹgbẹ́ tiwa ní owó ìfẹ̀yìntì kan tí a máa san ní ọdún 12 sí i. Bọ́ǹdì ọlọ́dún 30 la fẹ́ rà kó lè dé 12 dáadáa.

Bàbá_Oníṣirò

Kò lè dé ibẹ̀, Túndé. Lórí 15%, bọ́ǹdì tí ẹ rà ní ojúlówó iye rẹ̀, kódà kó máa san títí láé, dúréṣọ̀n rẹ̀ ò lè kọjá 7.67, ìyẹn 1.15 tí a fi 0.15 pín. Èlé ńlá ilẹ̀ wa ló fà á: owó ọdún àkọ́kọ́ wúwo jù lórí pákó. Lórí 5%, ààlà náà jẹ́ 21. Ẹ ṣí àkòrí tiyín lọ́tọ̀, ó nílò ìjókòó tirẹ̀.

Akọ̀wé_ÒkèFìà

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún akápò lórí fóònù. Ó ní ìdènà kan wà tí mo gbàgbé láti sọ fún yín: òfin ẹgbẹ́ wa kò gbà ká ta bọ́ǹdì kó tó pé, àfi tí ìpàdé gbogbogbò bá fọwọ́ sí i. Ìpàdé gbogbogbò sì di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Bàbá_Oníṣirò

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo tò yẹn ò lè dúró lọ́wọ́ yín. Ọlọ́dún 7 àti 10 ò ní tíì pé nígbà tí onílẹ̀ bá dé. Kò sì sí bọ́ǹdì elélé tó ń pé láàárín ọdún 5 tí dúréṣọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ 5. Ìwé tí kì í san èlé lágbedeméjì, tó ń pé lọ́jọ́ náà gan-an, ìyẹn ì bá parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ́ṣúrì bílì ò kọjá ọjọ́ 364.

Ọ̀nà tó kù ni ti akápò yín, ṣùgbọ́n kí ẹ fi owó kún un. Tí ẹ bá fẹ́ kó pé bí èlé tilẹ̀ já sí 10%, mílíọ̀nù 52.2 ni kí ẹ fi ra ọlọ́dún 5, kì í ṣe 49.72. Tí ẹ bá fẹ́ kó pé kódà ní 5%, 54.7.

Ayọ̀_Ìgbọ̀nà

Ẹ rí i? Ọlọ́dún 5 náà la padà sí. Kí ẹgbẹ́ dá mílíọ̀nù 2.2 sí i, ó parí.

Dípò_Alágbàtà

Kò parí, Ayọ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa dúró ní 10%? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti 2020 tán. Lójú tèmi, ó rọrùn fún ẹgbẹ́ láti gba àṣẹ kan lọ́wọ́ ìpàdé gbogbogbò, kí wọ́n kọ ọ́ pé nítorí gbèsè ilẹ̀ yìí nìkan, ìgbìmọ̀ lè ta kí wọ́n sì rà láàárín ìwọ̀n dúréṣọ̀n kan, ju kí wọ́n tún dá owó lọ.

Bàbá_Oníṣirò

Tí wọ́n bá gba àṣẹ náà, kí wọ́n kọ ìwọ̀n yẹn sínú rẹ̀ ní nọ́ńbà: kí dúréṣọ̀n owó má fi ju 0.25 jìnnà sí ti gbèsè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, akápò ọdún tó ń bọ̀ á sọ ọ́ di òwò.

Akọ̀wé_ÒkèFìà

Ìpàdé ìgbìmọ̀ wa jẹ́ Sátidé. Méjèèjì ni n óò gbé síwájú wọn, àfikún owó àti àṣẹ. Dípò, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ lè bá mi wo àwọn bọ́ǹdì tó kù ọdún 6 sí 10 lọ́jà?

Dípò_Alágbàtà

Mo lè wò ó. N óò fi ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa pé, èlé ara rẹ̀, iye rírà àti iye títà ránṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ẹ gbé e fún Bàbá kí ẹ tó gbé e fún ìgbìmọ̀.